Ìjábọ̀ ọdún mínísítà, ojú ìwé 140, ni mo fẹ́ sọ di ọ̀rọ̀ 500. Ẹ gbà mí o

Ọmọ_Àjàṣẹ́
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìwé ìròyìn kékeré kan níbí ní Àjàṣẹ́ fún mi ní igun kan tí mò ń kọ lédè Yorùbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 500 lọ. Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n gbé ìjábọ̀ iṣẹ́ ọdún tó kọjá ti mínísítà kan lé mi lọ́wọ́, ojú ìwé 140, Faransé ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n pín in sí méjì: ohun tí wọ́n ṣe, àti ohun tó kù.

Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí wọ́n ṣe kò ṣòro, òun ló kún ojú ìwé 30 àkọ́kọ́. Ohun tó kù ni mi ò rí mú. Ìpínrọ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n kọ nípa rẹ̀ níparí ìwé, kò sì ju pé owó pẹ́ kó tó dé, òjò sì pọ̀.

Ẹ̀ka omi ìgbèríko ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti yí nọ́ńbà rẹ̀ padà kí n tó kọ ọ́ síbí, mi ò sì dárúkọ mínísítà, torí mi ò tíì bá wọn sọ̀rọ̀. Ìwé náà ní kànga ẹ̀rọ 40 ni wọ́n fẹ́ gbẹ́, wọ́n gbẹ́ 38, ìyẹn 95 nínú 100. Ó ní ènìyàn 9,500 ló ti rí omi mu. Ó ní iṣẹ́ ẹ̀ka náà parí dé 88 nínú 100, owó sì ti lọ sí iṣẹ́ dé 92 nínú 100. Bí mo bá kọ ọ́ báyìí, kò sí nǹkan kan tó kù mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?

Tíṣà_Pobẹ̀
Àbúrò, má pa ara rẹ. Àkótán wà níwájú ìwé, mú iṣẹ́ márùn-ún níbẹ̀. Ìṣòro wà lẹ́yìn ìwé, mú ìyẹn náà. Bí o bá sì fẹ́ mọ òtítọ́, owó ni kí o máa wò, torí owó kì í parọ́. Owó tí wọn kò ná tán ni iṣẹ́ tí wọn kò ṣe tán. 92 ni wọ́n ná, 8 ló kù. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Ṣábẹ
Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ó dára tí ẹ̀yin ará mínísítà wá síbí. Pọ́ǹpù tiwa ní abúlé wa, lápá Ṣábẹ níbí, ọwọ́ rẹ̀ ti kán láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n kọ ọdún tí wọ́n ṣe é sára sìmẹ́ǹtì ìdí rẹ̀, kò tíì pẹ́. A ti padà sí odò. Ta ni ká ké sí?

Ọmọ_Àjàṣẹ́
Màmá, ẹ má bínú, akọ̀ròyìn ni mí, mi ò sí ní mínísítà. Àmọ́ mo ti kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀.

Bàbá_Ìṣètò_Kétu
Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ. Ọdún 22 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣètò kí n tó fẹ̀yìn tì sí Kétu, mo sì wà lára àwọn tó ń kọ irú ìwé yìí. Màmá Ṣábẹ, mẹ́rì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ béèrè ẹni tó ń bójú tó omi. Ẹ mú ọdún tó wà lára sìmẹ́ǹtì yẹn dání, òun ni wọ́n á fi mọ ẹni tó gba iṣẹ́ náà ṣe. N ó padà sórí ọ̀rọ̀ yín, torí ó wúlò fún ọmọ yìí ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ọmọ_Àjàṣẹ́, ìwé méjì ló yẹ kó wà níwájú rẹ, ẹyọ kan lo sì mú dání. Nígbà tí ìjọba bá ń gbé ètò ìsúná wá síwájú Ilé Aṣòfin níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa ń kọ ohun tó ṣèlérí láti ṣe lọ́dún náà, pẹ̀lú iye rẹ̀. Ìwé ìlérí nìyẹn, lẹ́tà PAP ni wà á rí lára rẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ni ìwé ìjíhìn, RAP. Ìyẹn ni wọ́n máa ń so mọ́ òfin tí wọ́n fi ń ti ìnáwó ọdún tó kọjá pa. Òfin àgbà lórí ìsúná tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2013 ló gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ni pé kí aṣòfin lè tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Akọ̀ròyìn tó bá ka ọ̀kan ṣoṣo ti gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá.

Nítorí náà, ìbéèrè mi ni pé: 40 yẹn, ṣé òun ló wà nínú ìwé ìlérí? Láàárín ọdún, mínísítà lè tún ètò iṣẹ́ rẹ̀ ṣe bí owó bá dín kù tàbí bí agbaṣẹ́ṣe bá pẹ́. Kò lòdì sófin. Ṣùgbọ́n iye tuntun ni ìjábọ̀ máa ń lò, wọn kì í sì í tẹnu mọ́ ọn pé ó ti yí. Wá ìwé ìlérí lọ, kí o tó fi ọwọ́ kan kálámù.

Tíṣà_Pobẹ̀
Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò tíì kúrò lórí owó.

Bàbá_Ìṣètò_Kétu
Tíṣà, òótọ́ wà níbẹ̀, kò kàn pé ni. Ọmọ yìí ní owó ti lọ sí iṣẹ́ dé 92. Kí ó wo àtẹ náà dáadáa. Ìlà méjì ló máa ń wà. Èkíní ni owó tí wọ́n ti fi àdéhùn mú: wọ́n ti buwọ́ lu ìwé pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe, owó náà kò lè lọ síbòmíràn mọ́. Èkejì ni owó tí wọ́n ti pàṣẹ pé kí wọ́n san, lẹ́yìn tí ẹnì kan ti jẹ́rìí pé iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ìlà èkíní ló máa ń ga, òun ni àkótán iwájú ìwé sì máa ń gbé jáde. Bí ìlà èkejì bá kéré jìnnà sí i, iṣẹ́ pọ̀ tí wọ́n ti fún ènìyàn ṣe tí wọn kò tíì ṣe tán, tàbí ìwé owó rẹ̀ dé lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ìwé ọdún dé.

Owó tó kù sì lè jẹ́ ire. Mo rí i lójú ara mi tí agbaṣẹ́ṣe sọ iye tó kéré sí èyí tí a fojú dá, iṣẹ́ parí pátá, owó ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá kọ pé iṣẹ́ kò parí torí owó ṣẹ́ kù yóò purọ́ mọ́ni. Iye tó wà nínú ìwé àdéhùn ni kí ó fi wé iye tó wà nínú ìsúná, níbẹ̀ ni yóò ti mọ èwo ni.

Bákan náà ni 88 yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó túmọ̀ sí pé nínú kànga 100, 88 ló ń yọ omi. Rárá o. Wọ́n máa ń gé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fún ègé kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ sọ ọ́: wíwá agbaṣẹ́ṣe, 20; bíbuwọ́ lu àdéhùn, 20; gbígbẹ́ ilẹ̀, 40; fífi pọ́ǹpù sí i, 10; gbígba iṣẹ́ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, 10. Kànga tí wọ́n gbẹ́ tí kò ní pọ́ǹpù ti gba 80 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ẹni tó gbé korobá wá síbẹ̀ kò rí omi gbé lọ. Ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀ ló ń pín ìwọ̀n wọ̀nyí. Èmi ì bá má fi 88 sínú ìwé ìròyìn rárá.

Alátúnṣe_Sàkétè
Mo ti tún irú àpilẹ̀kọ yìí ṣe rí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Iye tó bá ní "nínú 100" kò gbọdọ̀ ju méjì lọ nínú ọ̀rọ̀ 500. Ẹni tó ń kà á ní ọjà Wàńdó láàárín oníbàárà méjì kò ní jókòó ṣírò. Sọ iye kànga. Sọ abúlé. Má sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìjọba ní ẹyọ-ẹyọ: "owó tí wọ́n ti fi àdéhùn mú" tí Bàbá lò yẹn dára, gbà á.

Ọmọ_Àjàṣẹ́
Mo ti dé o. Mo rí ìwé ìlérí náà gbà. Ẹ gbọ́, ọkàn mi gbọ̀n. Kànga 60 ló wà níbẹ̀, kì í ṣe 40. (Mo yí nọ́ńbà yìí náà padà bí mo ṣe yí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe jìnnà síra ni mo fi sílẹ̀.) 38 nínú 60, mo ṣírò rẹ̀, 63 nínú 100 ni. Mo wo owó náà: nínú mílíọ̀nù 600 fáráǹkì, mílíọ̀nù 552 ni wọ́n ti fi àdéhùn mú, ìyẹn 92 wọn. Èyí tí wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n san jẹ́ 366. 61 nínú 100 nìyẹn.

Àkọlé mi ti jáde: "Mínísítà tan ìlú jẹ."

Bàbá_Ìṣètò_Kétu
Dákẹ́ ná, ọmọ mi. Mo sọ fún ọ pé yíyí iye padà kò lòdì sófin. O kò ní ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí o ní ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ìlérí jẹ́ 60, ó di 40, ìjábọ̀ kò sì sọ ìdí rẹ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó ti wúwo tó.

Iṣẹ́ ṣì kù fún ọ. Lọ sí àfikún, ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí wọ́n to àwọn kànga sí lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú abúlé àti bí ó ṣe rí. Ibẹ̀ ni ẹni tó ṣiṣẹ́ lóko máa ń kọ òtítọ́ sí, torí ẹni tó ń kọ àkótán kì í sábà débẹ̀. Ka iye tí wọ́n kọ pé wọ́n ti gbà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, kí o sì ka èyí tí kò ní omi.

Ọmọ_Àjàṣẹ́
Ojú ìwé 118 sí 121. Mo fi ìka kà á, mo tún un kà. Nínú 38: 29 ní pọ́ǹpù, wọ́n sì ti gbà á. 4 kan omi ṣùgbọ́n kò tíì sí pọ́ǹpù. 5 kò kan omi rárá. Àfikún náà pe gbogbo 38 ní "iṣẹ́ tí wọ́n gbẹ́", àkótán wá sọ ọ́ di "kànga".

Bàbá, àwọn ènìyàn 9,500 ńkọ́? Ta ló kà wọ́n?

Bàbá_Ìṣètò_Kétu
O ṣeun tí o béèrè. Kò sẹ́ni tó kà wọ́n. Ìlànà wa ní orílẹ̀-èdè Benin ni pé ojú omi kan wà fún ènìyàn 250. Wọ́n mú 38, wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po 250, ó di 9,500. Kànga márùn-ún tí kò kan omi wà nínú ìṣirò yẹn. Bí o bá lo 29, ó di 7,250, síbẹ̀ kì í ṣe orí ènìyàn náà nìyẹn. Kọ ọ́ pé "kànga tó lè tó ènìyàn bí 7,250 nínú ìlànà ìjọba". Má kọ pé ènìyàn 7,250 ń mu omi.

Níbí ni ọ̀rọ̀ Màmá Ṣábẹ ti wọlé. Ìjábọ̀ ọdún máa ń ka kànga tuntun. Kì í sábà ka èyí tó bàjẹ́ lọ́dún kan náà. Bí wọ́n bá ṣe 29 tí ọwọ́ pọ́ǹpù 12 kán níbòmíràn, ìgbèríko jèrè 17 péré. Wo àtẹ àwọn àmì ìwọ̀n bóyá ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń sọ iye pọ́ǹpù tó bàjẹ́. Bí kò bá sí, àìsí rẹ̀ gan-an jẹ́ ohun tó kù.

Ìyá_Ṣábẹ
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọmọ mi, ṣé orúkọ abúlé wa wà nínú ìwé yẹn? Mo fi ránṣẹ́ sí ọ níkọ̀kọ̀.

Ọmọ_Àjàṣẹ́
Kò sí níbẹ̀, Màmá. Kànga tuntun nìkan ló wà. Mi ò rí àmì ìwọ̀n kankan fún pọ́ǹpù tó bàjẹ́, mo wo ojú ewé kọ̀ọ̀kan.

Tíṣà_Pobẹ̀
Ẹ jẹ́ kí n tún sọ̀rọ̀. Mo gbà lórí owó. Ṣùgbọ́n márùn-ún tí kò kan omi yẹn, ẹ má kà á sí àìṣedáadáa. Ẹni tó bá ti dé Ṣábẹ ti rí òkè àpáta rẹ̀. Àpáta yẹn náà ló wà lábẹ́ ilẹ̀, inú ibi tó bá ti là nìkan lomi ń gbé. A lè gbẹ́ ilẹ̀ ká má pàdé ibi tó là. Ilẹ̀ ló ṣe é, kì í ṣe mínísítà.

Alátúnṣe_Sàkétè
Tíṣà, ilẹ̀ kò yí padà láàárín ọdún. Wọ́n mọ̀ pé àpáta wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ ìlérí. Àwọn ènìyàn wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti fi ẹ̀rọ wo abẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Bí wọn kò bá pe àwọn wọ̀nyẹn, àìṣedáadáa ni.

Bàbá_Ìṣètò_Kétu
Èmi máa ń kọ ọ́ sí ìnáwó, mi ò kì í kọ ọ́ sí ẹ̀bi, torí pé wọ́n máa ń pe àwọn tó ń wo abẹ́ ilẹ̀, ó sì lè má kan omi síbẹ̀. Àmọ́ mi ò lè sọ pé Alátúnṣe kò ní ẹjọ́. Ọmọ_Àjàṣẹ́, béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ wà fún márùn-ún yẹn. Olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní orúkọ nínú ìwé náà, òun ni kí o pè. Òfin ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 2015 lórí ìròyìn fún ọ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Kọ lẹ́tà sí i, má fi mọ sí orí fóònù.

Ọmọ_Àjàṣẹ́
Mo ti gbìyànjú. Ẹ wo apá tó jẹ mọ́ omi:

"Níbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, mínísítà ṣèlérí kànga ẹ̀rọ 60 fún ìgbèríko. Láàárín ọdún, wọ́n sọ ọ́ di 40. Ìjábọ̀ wọn kò sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí ọdún parí, kànga 29 ló ní pọ́ǹpù, tí wọ́n sì ti gbà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Nínú ìlànà ìjọba, wọ́n lè tó ènìyàn bí 7,250. Iṣẹ́ gidi ni èyí fún abúlé tó ń rìn lọ sódò tẹ́lẹ̀.

"Ohun tó kù ni pé mẹ́rin kan omi ṣùgbọ́n wọn kò ní pọ́ǹpù, márùn-ún kò sì kan omi. Nínú owó ẹ̀ka náà, wọ́n ti fi àdéhùn mú èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n 61 nínú 100 ni wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n san. Ìjábọ̀ náà kò sì ní ìlà kankan fún pọ́ǹpù tó ti bàjẹ́. Lápá Ṣábẹ, ìyá kan sọ fún wa pé tiwọn ti kán láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn."

Alátúnṣe_Sàkétè
Ó dára. Mo fẹ́ràn bí o ṣe gbé 29 síwájú dípò 38. Ọ̀rọ̀ Màmá náà gbọdọ̀ dúró, ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn kí o tó tẹ̀ ẹ́.

Tíṣà_Pobẹ̀
"Lápá Ṣábẹ" fẹ̀ jù. Sọ orúkọ abúlé.

Ìyá_Ṣábẹ
Mo gbà kí ó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má dárúkọ abúlé, kí wọ́n má bàa ní àwa ń tú àṣírí. Mo dé mẹ́rì lónìí. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà wá.

Bàbá_Ìṣètò_Kétu
Màmá, ẹ jẹ́ kí Ọmọ_Àjàṣẹ́ bá yín kọ ọ́, ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Ọmọ mi, nǹkan kan ló kù nínú tìrẹ. "Ìjábọ̀ wọn kò sọ ìdí rẹ̀": ṣé o ti wo ìpínrọ̀ mẹ́rin ìparí ìwé yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i? "Owó pẹ́ kó tó dé" lè jẹ́ ìdí tí wọ́n fi sọ 60 di 40, wọ́n kàn lè má so ó pọ̀ ni.

Ọmọ_Àjàṣẹ́
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà síbẹ̀ ni. Wọ́n ní owó oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dé ní oṣù karùn-ún. Wọn kò sọ pé òun ló fà á. N ó kọ ọ́ pé "ìjábọ̀ kò sọ ìdí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní owó pẹ́ kó tó dé". Mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí olórí ẹ̀ka láàárọ̀ yìí, mo béèrè ìdí àyípadà náà àti ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ fún márùn-ún tí kò kan omi. Ọjọ́bọ̀ ni igun mi ń jáde. Bí èsì bá dé ṣáájú, n ó gbé e síbí.